Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Pélébé Tí A Fi Sílẹ̀ Pẹ̀lú Òrùka fún Ẹni Tí Ojú Máa Ń Tì

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ni kíkọ ìwé ìtọrọ ìyàwó, èyí tí a máa ń ká róbótó, tí a ń fi rìbọ́ọ̀nù so, tí ọmọbìnrin kan láti ilé ìyàwó yóò sì kà sókè ní ọjọ́ ìdána lójú gbogbo ẹbí. Nítorí iṣẹ́ yìí ni àwọn ènìyàn fi ń wá bá mi fún ìwé mìíràn tí kò jọ ọ́ rárá, ìyẹn ìwé kékeré tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ pẹ̀lú òrùka fún olólùfẹ́ wọn tí ojú máa ń tì, tí kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá sí ọ̀ràn òun. Ohun tí ó ń ba ìwé kejì yìí jẹ́ jù lọ ni pé wọ́n fẹ́ kí n kọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ ti àkọ́kọ́. Etí púpọ̀ ni a kọ ìwé ìdána fún. Bí a bá sọ níbẹ̀ pé a rí òdòdó kan tí ó rẹwà nínú ọgbà yín, ó dùn, nítorí pé gbogbo ilé ni yóò jọ rẹ́rìn-ín, tí alága ìjókòó yóò sì rí nǹkan fi dá àpárá. Ẹni tí ó jókòó ní òun nìkan sí etí bẹ́ẹ̀dì, tí òrùka wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ẹni tí yóò bá rẹ́rìn-ín. Bí òdòdó bá pọ̀ nínú ìwé náà, ńṣe ni yóò máa rò pé èrò ń wo òun láti ibì kan.

Kí ẹ tó mú bírò

Láyé àtijọ́, ìpele mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ aya fífẹ́ máa ń gbà: ìfojúsóde, tí í ṣe wíwo ọmọ tí ó wuni, ìṣíhùn, tí í ṣe ìgbà tí wọ́n fọhùn pé àwọn gbà, lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó. Ìṣíhùn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, torí pé òun gan-an ni ìwé pélébé yín ń wá, ohùn ẹnì kan ṣoṣo sì ni ó fẹ́ ṣí. Kò lè ṣe iṣẹ́ ìfojúsóde pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá tíì sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rí, òrùka tí ẹ gbé kalẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ yóò dẹ́rù ba onítìjú, ìwé kankan kò sì lè gbà á sílẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ kò le. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wá bá mi pé, “Ǹjẹ́ òun fúnra rẹ̀ ti sọ gbólóhùn kan rí tí ‘wa’ wà nínú rẹ̀ nípa ọdún tí ń bọ̀?” Bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà ti sọ ọ́ rí pé, “tí a bá ti ní ilé tiwa, a ò ní gbé e sí etí títì,” ọ̀rọ̀ ti pọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń sọ “wa” láti ọjọ́ yìí wá, ẹ fi òrùka pamọ́, kí ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ ná. Ọjọ́ tí ẹ ó béèrè àti ibi tí ẹ ó ti béèrè lè jẹ́ ìyàlẹ́nu fún onítìjú, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ má jẹ́ ìyàlẹ́nu.

Ibi tí ẹ ó fi í sí

Ilé tiwa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kì í ṣófo. Ìyá àgbà lè wọlé wá mú ṣíbí, ọmọ àbúrò lè ṣí dúrọ́ọ̀ láti wá bírò, àlejò sì lè dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ó dára ni ibi tí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo náà nìkan ń dé: abẹ́ ìwé tí ó ń kà lálẹ́, inú àpò awò ojú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fìlà tàbí gèlè tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn. Kì í ṣe inú báàgì tí ó ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kì í ṣe orí tábìlì ibi iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́ kì í sì í ṣe inú ìkọ́kọrẹ́. (Wọ́n ti bi mí ní èyí tó kẹ́yìn yìí rí, ẹni tí ó béèrè kò sì ṣe àwàdà.) Bákan náà ni kí ẹ yẹra fún àsìkò Ojúde Ọba, nígbà tí àlejò kún gbogbo ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò sí yàrá tí ènìyàn lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún wákàtí kan.

Orí àpótí òrùka ni kí ẹ gbé ìwé lé, kí ó má wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí nínú rẹ̀. Bí ojú bá kọ́kọ́ rí òrùka, àyà yóò já, ìwé tí a bá kà lẹ́yìn náà yóò sì dà bí àlàyé ẹjọ́. Bí ìwé bá ṣáájú, ọkàn ti mọ ohun tí ọwọ́ fẹ́ ṣí. Ẹ kọ ọ́ ní ọwọ́ ara yín, sórí ìlàjì ojú ìwé eséṣáìsì, kí ẹ sì ká a lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má ṣe wà nínú yàrá náà, ẹ má sì fi ẹnikẹ́ni pamọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà.

Ohun tí ìwé náà yóò sọ

Àwọn àgbà tí ń fi àrokò ránṣẹ́ mọ̀ pé ohun tí a fi ránṣẹ́ ní ẹnu tirẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà ni ẹ̀fà, ó sì ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí bá dá mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ wa jọra. Òrùka náà ní ẹnu. Ó ti sọ pé ẹ fẹ́ ẹni náà, ó sì ti sọ pé ẹ kò ṣeré. Ìdí nìyí tí ìwé kò fi gbọ́dọ̀ tún àwọn nǹkan wọ̀nyí wí. Ohun tí òrùka kò lè sọ ni iṣẹ́ ìwé: ohun tí ẹ ti rí lára ẹni náà, ìbéèrè tí kò pọ́n ọn lójú, ẹni tí ó ti gbọ́, àti bí ó ṣe lè dáhùn láìjẹ́ pé ó la ẹnu.

Orúkọ ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ tí ẹ ń pè é nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Bí ó bá jẹ́ oríkì rẹ̀ ni, ó dára púpọ̀, àmọ́ kí ó jẹ́ pé ẹ ti ń pè é bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oríkì tí ìyá nìkan ń pe ènìyàn, tí ó wá ṣàdédé yọ lórí ìwé yín, yóò mú kí ó rò pé ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ìyá òun. Bí ẹ bá sì ti ń pe ẹni náà ní “ẹ” nítorí pé ó jù yín lọ, “ẹ” náà ni kí ẹ lò nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ èdè pẹ̀lú rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú ni ẹ jọ ń sọ nínú ilé, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, torí pé Yorùbá ìwé ìròyìn láti ẹnu ẹni tí kì í sọ ọ́ dà bí aṣọ tí a yá wọ̀. N kò ní fi àpẹẹrẹ rẹ̀ sí ibí nítorí pé bí Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe ń sọ ọ́ kọ́ ni Ṣágámù ń sọ ọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ tiyín.

Lẹ́yìn orúkọ ni ohun kan tí ẹ rí. Ẹyọ kan ṣoṣo, tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan pàtó, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ má yìn ín. Ìyìn máa ń mú kí onítìjú wo ilẹ̀, àní lórí ìwé, nítorí pé ó ń gbé e sí àárín agbo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn sọ ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ náà, láìfi ọ̀rọ̀ bí “oore rẹ” tàbí “ẹwà rẹ” kún un, yóò mọ̀ pé ẹ rí òun, kò sì ní sí ẹni tí ó ń pàtẹ́wọ́.

Ìbéèrè ni ó gba àròjinlẹ̀ jù. Ọ̀rọ̀ “fẹ́” nínú èdè wa gbòòrò: a ń fẹ́ omi, a ń fẹ́ ara wa gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́kùnrin àti ọ̀rẹ́bìnrin, a sì ń fẹ́ aya. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ “mo fẹ́ ọ” láti ọdún mẹ́ta kò lè fi gbólóhùn kan náà béèrè ohun tuntun. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí. “Ṣé o ò ní fẹ́ mi ni?” ti fi ẹ̀bi sí ọrùn ẹni náà kí ó tó dáhùn. “Jọ̀wọ́, má sọ pé rárá” sọ ìdáhùn kan di ìwà ìkà. “Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni” kì í ṣe ìbéèrè rárá, àṣẹ ni. Èyí tí mo máa ń lò pín sí méjì: “Mo fẹ́ kí á fẹ́ ara wa. Ṣé ìwọ náà fẹ́ bẹ́ẹ̀?” Gbólóhùn àkọ́kọ́ gbé ìfẹ́ inú yín kalẹ̀ láìfi í pamọ́ sẹ́yìn ìbéèrè; èkejì bi í léèrè ìfẹ́ inú tirẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi àmì sí orí àwọn ọ̀rọ̀ náà o. Mo ti rí ìwé tí ẹnì kan ti kọ “oko” lásán, tí ẹni tí ó gbà á sì ń béèrè bóyá ọkọ ni tàbí ọkọ̀ ni tàbí oko.

Ẹ̀yìn ìbéèrè ni ẹ ó ti sọ ẹni tí ó mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, òtítọ́ pọ́ńbélé sì ni kí ó jẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ràn àṣírí a máa ka iye ènìyàn. Ọ̀kan lára àwọn ìwé tí mo kọ́kọ́ bá ènìyàn kọ ni mo ti kọ pé “ẹnikẹ́ni kò mọ̀,” nítorí pé gbólóhùn náà dùn létí mi, n kò sì béèrè. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin tí a kọ ìwé náà sí ni ó ti yọ òrùka àbúrò rẹ̀ kékeré kan jáde kí wọ́n lè fi wọn ìka. Ọmọbìnrin náà gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni ó fi kọ̀ láti jẹ́ kí a dárúkọ ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ̀bi mi ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ní kí wọ́n ka àwọn tí ó mọ̀ fún mi lórí ìka kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan.

Ìlérí kan tún wà tí mo máa ń yọ kúrò, ìyẹn “ìgbéyàwó wa yóò jẹ́ kékeré.” Ẹ kò lè ṣe ìlérí yìí. Nígbà tí ẹbí bá ti gbọ́, tí aṣọ ẹbí bá ti délẹ̀, tí alága ìdúró bá ti gba àsansílẹ̀ owó, ẹnu yín nìkan kọ́ ni yóò pinnu bí ó ṣe máa tóbi tó. Ohun tí ẹ lè ṣèlérí ni ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ yín: pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí òun yóò fi ní kí ẹ sọ, àti pé ẹ kò ní gbé àwòrán kankan sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ó ku ọ̀nà ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń kọ pé, “Bí o bá gbà, wọ òrùka náà.” Kò dára tó. Ènìyàn lè wọ òrùka láti wò bóyá ó bá òun mu, kí ẹlòmíràn sì wọlé. Mo fẹ́ kí ìdáhùn wà lẹ́yìn ìwé kan náà, nínú àpótí kan náà, kí “bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá” ní ibì kan náà tí a ó kọ wọ́n sí, kí ọ̀kan má nira ju èkejì lọ. Kí ẹ sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá tíì kọ nǹkan kan, torí pé ẹni tí kò tíì múra yóò máa bẹ̀rù ìgbà tí ẹ ó tún pàdé.

Bí ìwé kan ṣe rí kí a tó tún un kọ àti lẹ́yìn náà

Ọkùnrin ará Ìpẹru kan, tí ó ń ta ohun èlò iná mànàmáná ní Ṣágámù, mú ìwé tirẹ̀ wá fún mi ní ọjọ́ kan. Nọ́ọ̀sì ni olólùfẹ́ rẹ̀, Ìkẹ́nnẹ́ ni ó ń gbé, ọdún kẹrin wọn sì nìyẹn. Obìnrin yìí ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pa àwòrán ọjọ́ ìbí òun rẹ́ kúrò lórí fóònù. Ohun tí ó kọ nìyí:

“Àyànfẹ́ mi, òdòdó inú ọgbà ayé mi, Ọlọ́run ti fi hàn mí pé ìwọ ni egungun ìhà mi. Màmá mi ń bẹ mí, àwọn ọ̀rẹ́ wa ń béèrè, ọjọ́ orí sì ń lọ. Òrùka yìí kò tó ohun tí ó yẹ ọ́, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́ má já mi kulẹ̀. Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí inú mi lè dùn.”

Mo ní kí ó ka iye ènìyàn tí ó wà nínú ìwé náà. Ọlọ́run wà níbẹ̀, màmá wà níbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ pẹ̀lú. Ta ni yóò lè sọ pé rárá fún gbogbo wọn? Ọjọ́ orí tí ń lọ jẹ́ ìhalẹ̀, bí kò tilẹ̀ rò bẹ́ẹ̀. Bíbẹ̀bẹ̀ nítorí iye owó òrùka sì mú kí ẹni náà máa ro iye owó. Nígbà tí a pa gbogbo èyí rẹ́, orúkọ nìkan ni ó kù, orúkọ náà kò sì sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo wá bi í pé kí ni ó ti rí lára obìnrin yìí tí ẹlòmíràn kò rí. Ó kọ́kọ́ ní ó níwà. Mo ní kí ó sọ ọjọ́ kan fún mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ ti òjò kan tí ó ká wọn mọ́ gáréèjì. Ohun tí a jọ kọ nìyí, pẹ̀lú oríkì kan tí mo fi dí àyè orúkọ obìnrin náà, èyí tí kò sọ fún mi:

“Àbẹ̀kẹ́,
Mo ṣì rántí ọjọ́ òjò yẹn ní gáréèjì, tí o yí agboòrùn sí orí àpò risíìtì mi, tí èjìká rẹ fi rin gbìndìn. O kò sọ ọ́ rí, èmi náà kò sọ ọ́ rí.
Mo fẹ́ kí á fẹ́ ara wa. Ṣé ìwọ náà fẹ́ bẹ́ẹ̀?
Ẹni tó ṣe òrùka àti ẹni tó bá mi tún ìwé yìí kọ ló mọ̀, wọn ò sì mọ orúkọ rẹ. Ẹnikẹ́ni mìíràn kò ní gbọ́ lẹ́nu mi àyàfi tí o bá ní kí n sọ.
Kò di dandan kí o dáhùn lónìí. Kọ èsì rẹ sẹ́yìn ìwé yìí, ohun yòówù kó jẹ́, kí o fi í sínú àpótí náà. N kò ní bi ọ́ ní ìdí. Màá wá ní Sátidé bí mo ṣe máa ń wá. Tí o kò bá tíì kọ ọ́, a ó jẹun, n kò sì ní dá a sílẹ̀.”

Kò tó 150 ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí a fi “bí òrùka kò bá bá ọ mu, a ó pààrọ̀ rẹ̀” kún un. Mo kọ̀, nítorí pé gbólóhùn náà ti gbà pé obìnrin náà gbà. Ẹnu ni ó lè fi sọ ìyẹn lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi í sílẹ̀

Àwọn ìdáhùn kan wà tí wọ́n jọ “bẹ́ẹ̀ ni” tí wọn kì í ṣe é. “O ṣé” kì í ṣe é. “Mo ti gbọ́” túmọ̀ sí pé ó ti gbọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àpótí bá ti kúrò níbi tí ó wà, ó lè jẹ́ pé ó gbé e pamọ́ kí àbúrò má bàa rí i. Ẹ má rán ọ̀rẹ́ lọ wádìí, torí pé ọ̀rẹ́ kan náà ti di ẹni kan sí i tí ó mọ̀. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sí ohùn, ẹ lè sọ gbólóhùn kan ní ẹnu, “Ohun tí mo kọ yẹn, mo ṣì dúró lórí rẹ̀,” kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ rárá ni ó kọ, ẹ gba òrùka, kí ẹ sì pa ìlérí mọ́: ẹ má béèrè ìdí.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun ni yóò sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbọ́. Kí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó dé, ẹ jọ fẹnu kò lórí èsì tí ẹ ó fún alága nígbà tí ó bá béèrè bí ẹ ṣe kọ ẹnu sí ara yín, nítorí pé yóò béèrè, ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá gba ìwé ìdána lọ́wọ́ èmi tàbí ẹlòmíràn, ẹ má mú ọ̀rọ̀ inú ìwé pélébé wá fún un láti fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Ọkùnrin ará Ìpẹru náà dé Ìkẹ́nnẹ́ ní Sátidé, ẹ̀yìn ìwé ṣófo, wọ́n sì jẹun. Sátidé kejì ni ó bá èsì níbẹ̀, ó sì fi hàn mí lẹ́yìn tí ó ti gbàṣẹ lọ́dọ̀ obìnrin náà: “Bẹ́ẹ̀ ni. Má tíì sọ fún Màmá. Ó tóbi díẹ̀ fún ìka mi.”